Áyọ́ọ̀nù tó jó ṣọ́ọ̀bù: ohun tí ẹ máa kọ sí àwọn adójútòfò

*"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Aṣọ ni mò ń tà n'Íbàdàn, léèsì àti àǹkárá. Iná jó ṣọ́ọ̀bù mi lóru Sátidé tó kọjá. Búrókà mi ní kí n kọ ìròyìn bí iná ṣe bẹ̀rẹ̀, ohun tó bà jẹ́ àti ọjà tó jó, kí n fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ adójútòfò. Ìṣòro mi ni pé ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ń lọ aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí iná lọ, ó sì gbàgbé áyọ́ọ̀nù sára sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá kọ ìyẹn, wọn ò ní san kọ́bọ̀. Àwọn kan ní kí n kàn kọ pé wáyà ló gbiná. Rìsíìtì mi sì ti jó mọ́ ọjà. Báwo ni kí n ṣe kọ ọ́?"*

Ẹ kú ewu iná o, mà. Ọlọ́run á fi dípò ẹ̀mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ àwọn tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò máa ń rán lọ wo ibi tí iná ti jó, àwọn tí ẹ̀ ń pè ní ajọ́sítà, nítorí náà ibi tí ẹ̀rù ti ń bà yín gan-an ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ áyọ́ọ̀nù náà síbẹ̀. Irú àṣìṣe báyìí wà lára ohun tí èèyàn ń torí rẹ̀ ra ìdójútòfò iná. Bí ọmọ iṣẹ́ bá gbàgbé áyọ́ọ̀nù, bí ẹni tó tan àbẹ́là bá sùn lọ, ìjàm̀bá ṣì ni lójú ìwé àdéhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àìfiyèsí ló fà á. Iná tí olówó ọjà fúnra rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ dá, tàbí tó ní kí ẹnì kan bá òun dá, ni wọn kì í sanwó lé lórí. Ọmọ yín kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ẹ̀yin náà kò sì rán an níṣẹ́ ibi.

Irọ́ ló lè ba kíléèmù yín jẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ ìwé àdéhùn iná, gbólóhùn kan wà tó sọ pé bí ẹni tó ra ìdójútòfò bá lo ẹ̀tàn níbikíbi nínú kíléèmù rẹ̀, gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe apá tó purọ́ lé lórí nìkan ni wọ́n máa yọ, gbogbo rẹ̀ ni. Àwọn tó ní kí ẹ kọ pé wáyà ló gbiná fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó dára ni wọ́n fẹ́ fi tàfàlà yẹn.

Ohun kan ṣoṣo wà tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó kọ ọ́. Àwọn ìwé àdéhùn kan ní àkọsílẹ̀ pé oníṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ pa iná níbi ṣíwíìṣì ńlá rẹ̀, níbi tí gbogbo iná ṣọ́ọ̀bù ti ń wọlé, kó tó ti ilẹ̀kùn lálẹ́. Ẹ wá a nínú tiyín àti nínú àwọn bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá wà níbẹ̀, ẹ pe búrókà yín kí ẹ tó fi ìròyìn ránṣẹ́, kí ẹ jọ sọ bí ẹ ṣe ń ti ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́. Bí kò bá sí, kò sí ohun tó yẹ kó máa dẹ́rù bà yín nínú ọ̀rọ̀ áyọ́ọ̀nù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí a fi máa ń mọ̀. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan nígbà kan rí tí olówó rẹ̀ kọ pé àjà ni iná ti bẹ̀rẹ̀, pé wáyà ló fà á. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, pákó àjà ti jó lóòótọ́, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ nìkan ló jó. Òkè rẹ̀, níbi tí wáyà gbà kọjá, àwọ̀ igi ṣì wà lára rẹ̀. Lára ògiri, iná ti fi àmì kan sílẹ̀ tó rí bí àrọ tí a fi ń rọ epo: ẹnu rẹ̀ gbòòrò lókè, ìdí rẹ̀ tín-ín-rín, ìdí náà sì nà tààrà sí ẹ̀yìn káńtà. Mo fi ọwọ́ tú eérú ibẹ̀, mo bá sítóòfù kẹrosíìnì kan. Ọkùnrin náà máa ń se oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ níbẹ̀, ó sì rò pé bí òun bá sọ ọ́, wọn ò ní sanwó. Sítóòfù náà kọ́ ló gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tó kọ ni. Wọ́n dá kíléèmù rẹ̀ padà fún un pẹ̀lú lẹ́tà olójú-ewé kan.

Wáyà náà ní ohun tó ń sọ. Wáyà bàbà tó bá yọ́, tó sì dì ní kóro kóro bí ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké, sábà máa ń sọ fún wa pé iná mànàmáná ṣì wà nínú rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ iná kàn án. Kò sọ pé òun ló dá iná náà sílẹ̀. Nítorí náà bí ẹ bá tilẹ̀ rí irú wáyà bẹ́ẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ má fi ṣe ẹ̀rí ohun tí ẹ kò mọ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má tíì gbá eérú. Àyíká tábìlì tí wọ́n ti ń lọ aṣọ, kí ẹnikẹ́ni má dé ibẹ̀ rárá. Ẹ fi áyọ́ọ̀nù náà sílẹ̀ níbi tó wà, ẹ fi orí wáyà rẹ̀ sílẹ̀ nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì bó bá ṣì wà níbẹ̀. Ẹ ya fọ́tò láti ẹnu ọ̀nà, láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lẹ́yìn náà kí ẹ sún mọ́ tábìlì yẹn kí ẹ ya á lọ́tọ̀. Bí ẹ kò bá tíì fi tó ilé-iṣẹ́ náà létí rárá, ẹ ṣe é lónìí, kí ẹ má dúró de ìròyìn tí à ń kọ yìí. Ìlà mẹ́ta tó: nọ́ńbà ìwé àdéhùn, àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́ àti àkókò tí iná jó. Ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn ní kí wọ́n gbọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí àlàyé kíkún sì tẹ̀ lé e láàárín ọjọ́ 15, àwọn mìíràn 30. Èyí tó wà nínú tiyín ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ó wá kan ìròyìn náà. Nínú apá tí ẹ ti máa sọ bí iná ṣe bẹ̀rẹ̀, ẹ ya ohun mẹ́ta sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ohun tí ẹ̀yin fojú ara yín rí, ohun tí ẹlòmíràn sọ fún yín, àti ohun tí ẹ rò. Kí ẹni tó ń kà á mọ èyí tí ìkọ̀ọ̀kan jẹ́. Mi ò mọ àkókò tiyín, nítorí náà ẹ fi tiyín rọ́pò èyí tí mo kọ síbí:

> Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 14 oṣù kẹta, ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, iná mànàmáná lọ. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ń lọ aṣọ lórí tábìlì tó wà ní igun ọ̀tún lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Mo ti ṣọ́ọ̀bù ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú 15. Mi ò wo sọ́kẹ́ẹ̀tì tábìlì náà kí n tó ti ilẹ̀kùn.
>
> Ọmọ náà sọ fún mi ní ọjọ́ kejì pé òun kò rántí pé òun yọ áyọ́ọ̀nù náà. Ọdẹ ọjà sọ fún mi pé iná mànàmáná dé ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́, pé òun rí èéfín lábẹ́ ilẹ̀kùn mi ní nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà. Òun ló pè mí. Mo dé ibẹ̀ ní aago méjìlá ààbọ̀ òru, mo bá àwọn panápaná níbẹ̀. Wọ́n pa iná náà tán ní nǹkan bí aago méjì.
>
> Èrò mi ni pé áyọ́ọ̀nù náà gbóná nígbà tí iná dé, tó sì ran aṣọ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mi ò rí i kó ṣẹlẹ̀. Mo ti fi áyọ́ọ̀nù, tábìlì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ bí mo ṣe bá wọn.

Ẹ wo bí ìròyìn yìí ṣe lè dúró fúnra rẹ̀. Bí ọdẹ bá sọ fún mi pé aago mọ́kànlá ààbọ̀ ni iná dé, kì í ṣe ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yẹn máa ta ko, torí ẹ ti kọ pé òun ló sọ ọ́. Bí àwọn panápaná bá kọ ohun mìíràn nípa orísun iná nínú ìwé tiwọn, èrò yín nìkan ló yàtọ̀ sí tiwọn, ẹ̀rí yín kò yẹ̀. Ẹ béèrè ìwé yẹn lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì gba ti àwọn ọlọ́pàá náà. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò máa bi yín léèrè méjèèjì.

Ohun kan tún wà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà máa ń kà ní ọ́fíìsì wọn. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá ná, bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lẹ́nu yín, kí ẹni tí yóò bá yín túmọ̀ rẹ̀ ka èyí tó túmọ̀ padà sí yín létí kí ẹ tó buwọ́ lù ú. Mo ti rí ibi tí ìyá kan ti sọ pé "mo gbọ́ pé", tí ọmọ tó bá a tẹ̀ ẹ́ sì sọ ọ́ di "mo rí i pé". Ọ̀rọ̀ kan yẹn gba oṣù méjì lọ́wọ́ wa.

Nípa ohun tó bà jẹ́, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan. Aṣọ tí omi panápaná rin àti èyí tí èéfín ba àwọ̀ rẹ̀ jẹ́, òfò iná ni méjèèjì, bí ọwọ́ iná kò tilẹ̀ kàn wọ́n. Ọ̀pọ̀ oníṣọ́ọ̀bù kì í mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á da aṣọ tútù nù, wọ́n á kọ èyí tó jó nìkan. Ẹ ya fọ́tò wọn, ẹ kà wọ́n, kí ẹ sì sá wọn kí wọ́n má bu, nítorí ìwé àdéhùn ń retí pé kí ẹ gba ohun tó bá ṣeé gbà là. Aṣọ tí wọ́n jí gbé nígbà tí èrò pé lé yín lórí lóru náà, ìlà ọ̀tọ̀ ni kí ẹ kọ ọ́ sí, torí ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn iná kì í san owó olè tó wáyé nígbà iná. Bí ẹ bá kà á mọ́ èyí tó jó, wọ́n lè kà á sí ẹ̀tàn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Aṣọ àwọn oníbàárà tó wà lọ́dọ̀ yín náà, ẹ dárúkọ rẹ̀ lọ́tọ̀. Ó lè má wà lábẹ́ ìdójútòfò yín àyàfi bí wọ́n bá kọ ọ́ sínú rẹ̀.

Iye ọjà ni ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí jù, ibẹ̀ sì ni àìsí rìsíìtì ti ń dun yín. Ẹ má kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rántí aṣọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iye tí gbogbo ọjà yẹ kó jẹ́ lọ́jọ́ náà ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ mú iye ọjà tó wà nílẹ̀ nígbà tí ẹ kà á kẹ́yìn, ẹ fi gbogbo èyí tí ẹ rà lẹ́yìn náà kún un, kí ẹ yọ iye tí ẹ ra àwọn èyí tí ẹ ti tà kúrò. Iye tí ẹ rà á ni ẹ máa lò jálẹ̀, kì í ṣe iye tí ẹ ń tà á. Èrè tí ẹ kò tíì jẹ kò sí nínú ìdójútòfò ọjà.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ọkùnrin aláṣọ kan tí mo bá ṣiṣẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Mo kàn sọ àwọn iye náà di iye tó rọrùn láti ṣírò. Ó ka ọjà rẹ̀ ní ìparí ọdún, ó jẹ́ 10,200,000 náírà. Láti ìgbà náà títí di ọjọ́ iná, ó ra ọjà 9,000,000. Ó ta ọjà 9,000,000, ṣùgbọ́n ó máa ń fi náírà 25 lé gbogbo 100 tó fi rà á, nítorí náà iye tó ra àwọn tó tà yẹn jẹ́ 7,200,000. Bí ẹ bá ro àkọ́kọ́ pọ̀ mọ́ èkejì, tí ẹ yọ ìkẹta, ọjà 12,000,000 ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọjà 1,500,000 kò fara pa rárá. Omi àti èéfín ba 1,500,000 mìíràn jẹ́, a sì gbà pé ó ṣì lè rí 500,000 lórí rẹ̀, nítorí náà òfò ibẹ̀ jẹ́ 1,000,000. Ọjà 9,000,000 tó kù jó tán. Gbogbo òfò rẹ̀ jẹ́ 10,000,000 náírà.

Rìsíìtì tiẹ̀ náà jó. Ó padà lọ bá àwọn tó ń kó aṣọ fún un, wọ́n ṣe ẹ̀dà èyí tó wà nínú ìwé tiwọn fún un, wọ́n sì fi òǹtẹ̀ lù ú. Báńkì fún un ní sítétímẹ́ǹtì tó fi gbogbo owó tó san jáde hàn. Owó tó gba orí ẹ̀rọ pí-ó-ẹ́sì wọlé fi títà rẹ̀ hàn, fọ́tò aṣọ tó ti fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà lórí WhatsApp sì fi ọjọ́ tí aṣọ náà wà lórí pẹpẹ hàn. Kò sí èyí tó pé nínú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n bá ara wọn mu.

Ẹ̀rí kan tún wà nínú eérú fúnra rẹ̀. Aṣọ tí wọ́n ká mọ́ra gírígírí kì í jó tán bọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ á dúdú bí èèdú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ọ̀bẹ là á, ẹ máa rí pupa tàbí búlúù léèsì náà láàárín, nígbà mìíràn ẹ tilẹ̀ máa rí bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú ìdì rẹ̀. A ka ìdì bẹ́ẹ̀ ní pẹpẹ kọ̀ọ̀kan lọ́dọ̀ ọkùnrin yẹn. Ibi tí iye tó sọ àti iye tí a kà ti jọra ni mo ti gbà á gbọ́ lórí ibi tí gbogbo rẹ̀ ti di eérú pátápátá. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má bá yín kó àwọn ìdì dúdú yẹn dà sí ààtàn.

Ọkùnrin náà kò gba 10,000,000. Iye tó kọ sínú ìwé àdéhùn fún ọjà rẹ̀ jẹ́ 9,000,000, nígbà tó jẹ́ pé ọjà 12,000,000 ló ní. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọjà rẹ̀ nìkan ló ra ìdójútòfò lé lórí, nítorí náà ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin òfò rẹ̀ ni wọ́n gbé kalẹ̀ fún un: 7,500,000 náírà, kí wọ́n tó yọ iye kékeré tí ìwé àdéhùn ní kí òun fúnra rẹ̀ fara gbá. Gbólóhùn tó fa èyí wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn iná. Ó dùn ún gan-an, nítorí owó aṣọ ti gbówó lórí láti ìgbà tó ti ra ìdójútòfò, kò sì padà lọ sọ fún wọn kí wọ́n gbé iye rẹ̀ sókè.

Mò ń sọ èyí fún yín nísinsìnyí kí ó má baà jẹ́ ẹnu ajọ́sítà ni ẹ ti máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó tún ń dán èèyàn wò láti sọ pé ọjà òun kò tó bẹ́ẹ̀ kí ìdá náà lè sàn. Ẹ má ṣe é. Sítétímẹ́ǹtì báńkì yín á sọ iye tó jẹ́, èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi á sì kà á.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fẹnu kò lórí iye kan, wọ́n máa fún yín ní ìwé kan láti buwọ́ lù pé ẹ gbà á, pé ẹ kò ní béèrè ohun mìíràn lórí iná yìí mọ́. Ẹ má buwọ́ lù ú lójú ẹsẹ̀. Ẹ gbé e lọ bá búrókà yín, kí ẹ fi wé ìṣirò yín ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí ohun kan kò bá yé yín, ẹ kọ̀wé béèrè bí wọ́n ṣe ṣe é. Bí wọ́n bá kọ̀ láti dáhùn, NAICOM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó àwọn adójútòfò, ń gba ẹ̀sùn lọ́wọ́ ẹni tó ra ìdójútòfò. Ẹ̀dà ìròyìn yín tó ní òǹtẹ̀ ọ́fíìsì wọn àti ọjọ́ tí wọ́n gbà á ni ẹ máa mú lọ, nítorí náà ẹ rí i pé wọ́n fi òǹtẹ̀ náà lù ú lọ́jọ́ tí ẹ bá fà á lé wọn lọ́wọ́.